Wébìlì ní 600, ilé ẹrù ní 588, mo sì ti buwọ́lù

Olùtọ́júẸrù_Kàbà
Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará. Kàbà ni mo wà, ilé ẹrù ọ̀gá mi ni mò ń tọ́jú. Trélà kan gbé tòmátò alápò kékeré dé ní Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí agogo méje alẹ́. 600 páálí ló wà lórí wébìlì. A já a sílẹ̀, a ka òkìtì, ó jẹ́ 600, mo buwọ́lù pé ó pé, ó sì dára. Láàárọ̀ Ẹtì a tún un kà, 588 ló jẹ́. Ṣé owó páálí 12 ti di tèmi nìyẹn? Èwo ni kí n kọ sínú ìwé ìgbọjà, 600 àbí 588? Ọ̀gá kò tíì gbọ́.

Ajíróbà
Ọ̀rẹ́ mi, o ti buwọ́lù, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tó bá ti kọ "ó pé" kò lè padà wá sọ pé kò pé. Wá owó 12 páálí kí ọ̀gá tó dé. Nígbà mìíràn máa fi òǹtẹ̀ "a kò kà á" lu wébìlì kí o tó buwọ́lù, kò sẹ́ni tó máa mú ọ.

BàbáTálì
Ajíróbà, má fi ìpayà pa ọmọ ọlọ́mọ. Ìbuwọ́lù yẹn bà á jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò sọ ọ̀rọ̀ di òkú. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ẹrù ẹ̀rí lé e lórí. Kó tó buwọ́lù, ẹni tó tajà ló máa fi hàn pé òun kó 600 wá. Ní báyìí, ọmọ yìí ló máa fi hàn pé 588 ló wọlé.

Olùtọ́júẸrù, kọ 588. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ lọ́kàn rú lórí ìyẹn. Ohun tí ojú rẹ rí tí ọwọ́ rẹ sì kà ló ń wọ ìwé ìgbọjà, kì í ṣe ohun tí wébìlì sọ. Tí o bá kọ 600, akọ̀wé owó yóò san owó 600. Nígbà tí wọ́n bá wá ka gbogbo ọjà ní ìparí oṣù, 12 yóò sọnù nínú ilé ẹrù tìrẹ. Ohun tó jẹ́ àìpé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tajà yóò wá di olè inú ilé yín.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan mẹ́ta kí n tó sọ ìyókù. Báwo ni ẹ ṣe to òkìtì yẹn? Ta ló gun orí rẹ̀ wo inú? Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ di àárọ̀ Ẹtì?

ÌyáSìmẹ́ǹtì
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà jìyà irú èyí ní Ìsánlú níbí. 600 àpò sìmẹ́ǹtì, 50 kílò ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí trélà ṣe máa ń gbé e. Nígbà tí a já a tán, àpò mọ́kàndínlógún ti ya, tí ìyẹ̀fun sì wà nílẹ̀ ọkọ̀ bí ekuru. Dẹ́rébà ní kí n gbá a jọ, pé kò sí èyí tó sọnù. Mo bá a jà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ ní kó wọn àpò yẹn lórí òṣùwọ̀n, ẹ ó rí i pé kò pé 50 kílò!

BàbáTálì
Ìyá, ẹ kú àmúmọ́ra. Tiyín yàtọ̀ sí tirẹ̀. Àpò tó ya kò sọnù, ó wà níbẹ̀, ó bàjẹ́ ni. Tirẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ìlà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà lórí wébìlì: "àìpé" àti "ó bàjẹ́". Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ilé iṣẹ́ yóò sọ pé àwọn máa pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́ tí ẹ bá dá a padà. Kí lẹ ó wá dá padà fún èyí tí ẹ kò rí rí? Ní tiyín, gbogbo 600 ló wọlé, 19 nínú rẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹ má kọ pé 581 lẹ gbà.

Olùtọ́júẸrù_Kàbà
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Òkìtì márùn-ún la tò. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní páálí 12, mẹ́rin ní gígùn, mẹ́ta ní ìbú, ìpele mẹ́wàá ní òkè. Ìyẹn ni 120 lórí òkìtì kan, ìlọ́po márùn-ún sì jẹ́ 600. A tò ó sórí pákó, ó ga bo orí mi. Jẹnẹrétọ̀ ń kú, ó ń jí. Èmi àti dẹ́rébà la ka òkìtì láti iwájú, a ka mẹ́rin, a ka mẹ́ta, a ka mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó gùn ún. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, èkejì wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọmọ tó bá mi tún un kà láàárọ̀ sọ pé òkìtì kẹta ní ihò láàárín. Mo rò pé ó kàn wó lulẹ̀ ni.

BàbáTálì
Mo ti rí i. Kò wó.

Mú páálí 12 kan tò ó lórí ilẹ̀ bí o ṣe wí, mẹ́rin sí mẹ́ta. Ka àwọn tó wà ní etí: mẹ́wàá ni. Méjì péré ló wà láàárín tí ẹni tó dúró nílẹ̀ kò lè rí. Bí àwọn lébìrà bá fẹ́ yára, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ohun mìíràn, etí ni wọ́n ń tò, wọn a fi àárín sílẹ̀. Láti iwájú, mẹ́rin ṣì ni. Láti ẹ̀gbẹ́, mẹ́ta ṣì ni. Ìpele mẹ́wàá kò yí padà. Òkìtì tó ṣófo nínú máa ń jọ èyí tó kún.

Wá wo ìṣirò rẹ. Àìpé rẹ jẹ́ 12. Páálí méjì ní ìpele kan, ìpele mẹ́fà, 12 nìyẹn. Bi ọmọ yẹn bóyá ihò náà jìn tó ìpele mẹ́fà láti òkè. Bí ó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé páálí 12 yẹn kò wọlé rárá. Kò sẹ́ni tó jí i ní òru, nítorí olè kì í fara balẹ̀ mú méjì méjì láti àárín òkìtì kó sì fi etí sílẹ̀ ní títọ́.

Olùtọ́júẸrù_Kàbà
Ó ní ó jìn dé àyà òun bí òun ṣe nawọ́ sí i. Ó ní òun ka ìpele mẹ́fà, òun kò kàn sọ fún mi ni! Ara mi tutù díẹ̀. Kí ni kí n ṣe báyìí?

BàbáTálì
Lónìí, má dúró di ọjọ́ Ajé. Ránṣẹ́ sí ẹni tó kó ọjà ránṣẹ́, lórí Wásáàpù tàbí lórí ímeèlì, kó jẹ́ kíkọ. Pe ẹni náà lẹ́yìn tí o ti kọ ọ́, má kàn pè é nìkan. Kọ ọ́ báyìí:

"Ní àárọ̀ Ẹtì a tún ọjà tó dé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kà. Wébìlì sọ 600 páálí. 588 la kà. Àìpé jẹ́ 12. Kò sí èyí tó bàjẹ́. A kà á láti ìpele sí ìpele, a sì rí i pé àárín òkìtì kẹta ṣófo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ìwé ìkẹ́rù yín wò, kí ẹ sì bi àwọn tí trélà yìí já ọjà fún ṣáájú wa."

Fi nọ́ńbà wébìlì sí i, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ ẹni méjì tó kà á, àti agogo tí ẹ kà á. Má kọ "dẹ́rébà jalè". O kò mọ ìyẹn. Bí o bá fi olè kan ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni wọn yóò máa jiyàn lé lórí, wọn yóò gbàgbé páálí 12.

Sọ fún ọ̀gá rẹ kí ẹlòmíràn tó sọ fún un. Mo sì fẹ́ mọ̀: ìlú mélòó ni trélà yẹn dúró sí kó tó dé Kàbà?

DẹrébàỌ̀nàÌlọrin
Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Mo ń gba ọ̀nà Ìlọrin, Ọ̀mù-Àrán, Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú, Mọ̀pà, kí n tó dé Kàbà. Àwa dẹ́rébà ni gbogbo ayé ń na ìka sí. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ta ló ń kà á fún wa nígbà tí wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀? Nígbà mìíràn wọ́n ti dí ọkọ̀ tán kí wọ́n tó pè mí, wọ́n á ní kí n buwọ́lù. Mo buwọ́lù fún ohun tí n kò kà, mo gbé e dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní kó pé.

Ẹni tí ọjà tiẹ̀ já kẹ́yìn ló máa ń jẹ gbèsè gbogbo. Bí ẹni tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ bá mú márùn-ún lé, kò ní sọ. Kò tiẹ̀ mọ̀. Kàbà ló máa dín. Èmi náà sì máa ń fẹ́ kí ẹ tètè buwọ́lù, nítorí wọ́n ń ka wákàtí fún mi. Kì í ṣe ọgbọ́n olè.

Ajíróbà
Dẹ́rébà, ọ̀rọ̀ yín wọlé. Àmọ́ mo ṣì dúró lórí òǹtẹ̀ mi. "A kò kà á" dára ju "ó pé" lọ.

BàbáTálì
Ó dára ju irọ́ lọ, ìyẹn nìkan. Mo ti rí wébìlì tó ní òǹtẹ̀ yẹn lórí gbogbo ìgbà tí wọ́n gbọjà, fún ọdún kan gbáko. Nígbà tí àìpé dé, ẹni tó tajà ní "gbogbo ìgbà lẹ ń kọ ọ́, ẹ kì í kà á rí, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé èyí ni kò pé?" Òǹtẹ̀ wà fún ìgbà tí ó bá di dandan, bí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ilẹ̀ ti ṣú, kí o sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé "a ó kà á ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la níwájú ẹni báyìí." Kí o sì kà á lóòótọ́.

TíṣàMọ̀pà
Mo ka òfin díẹ̀ nígbà kan rí. Òfin títa ọjà ti ọdún 1893 tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, abala 30 rẹ̀ sọ pé tí olùtajà bá kó ọjà tó dín sí iye àdéhùn wá, olùrà lè kọ gbogbo rẹ̀. Tó bá sì gbà á, iye tó gbà ni yóò san owó rẹ̀. Abala 34 náà ní a kò lè ka olùrà sí ẹni tó ti gba ọjà títí yóò fi ní àyè tó tọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, ọmọ yìí kò jẹbi rárá, kí ó kọ gbogbo 588 padà fún wọn!

BàbáTálì
Tíṣà, ẹ ṣeun fún abala 30. Ọ̀rọ̀ owó inú rẹ̀ wúlò: owó 588 ni ọ̀gá yóò san. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ 588 páálí padà nítorí 12? Ta ni yóò san owó ọkọ̀ tí yóò gbé e padà? Òfin yìí kò sì sọ ẹni tí iye rẹ̀ tọ̀nà. Bí o bá dé iwájú adájọ́, yóò béèrè pé "níbo ni o ti rí 588?", a ó sì tún padà sórí kíkà.

Ohun tó kù nìyí, kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin méjì ni kí ó máa kà, ọ̀kan ní ìdí ọkọ̀, ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹrù. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan fa ìlà mẹ́rin, kó dá ìkarùn-ún lé e lórí, kó má sọ iye rẹ̀ fún èkejì títí ogún páálí kọ̀ọ̀kan fi pé. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sí ìgbà tí ìyàtọ̀ yóò ju ogún lọ kí ẹ tó rí i. Ní ilé ẹrù tí mo ti ṣiṣẹ́, a ń fún lébìrà ní ìdérí ìgò kan fún gbogbo páálí tó bá gbé kọjá, a sì ń san owó rẹ̀ lórí ìdérí. Lébìrà fúnra rẹ̀ ló wá di ẹni tó ń bá wa ka ọjà, nítorí owó tirẹ̀ wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá tò ó tán, má ka iwájú. Gbé àkàbà, wo òkè, ka ìpele òkè níkan-níkan, fi ọ̀pá gún àárín. Bí ọ̀pá bá wọlẹ̀, ìyẹn ni ihò.

ÌyáSìmẹ́ǹtì
Bàbá, ìdérí ìgò yẹn, lébìrà kò lè mú tirẹ̀ wá láti ilé?

BàbáTálì
Ó lè mú un wá, ìyá. A ń fi ọ̀dà àwọ̀ kan kun tiwa, a sì ń yí àwọ̀ padà lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n kùn ún náà. Ẹ̀rín pa wá títí.

DẹrébàỌ̀nàÌlọrin
Ẹ̀yin olùgbọjà, ẹ wo páálí tí téépù rẹ̀ jọ ti titun ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn páálí pé, ohun inú rẹ̀ ni kò pé. Mo ti rí i.

BàbáTálì
Ó tọ́. Páálí tòmátò rẹ, ṣé àpò 50 ti 70 gíráàmù ni? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun inú rẹ̀ nìkan jẹ́ 3.5 kílò. Mú páálí kan tí téépù rẹ̀ kò tíì ṣí, wọ̀n ọ́n. Wọn èyí tí o fura sí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá fúyẹ́ ní 0.7 kílò, bíi àpò mẹ́wàá ti jáde. Ṣí i níwájú dẹ́rébà, ya fọ́tò, kọ ọ́ sí "àìpé inú páálí", má kà á mọ́ àìpé páálí.

Olùtọ́júẸrù_Kàbà
Ẹ ṣé, àwọn páálí náà mọ́. Mo fi ìwé ránṣẹ́ ní ọ̀sán Ẹtì. Ẹni tó wà ní ìdí rẹ̀ kọ́kọ́ ní "o ti buwọ́lù", bí Ajíróbà ṣe wí gẹ́lẹ́. Mo ní kó bi àwọn tí wọ́n ti gbọjà ṣáájú. Trélà yẹn gbé 1,400: Ẹ̀gbẹ̀ gba 500, Ìsánlú gba 300, tiwa jẹ́ 600. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ẹni Ìsánlú tún tirẹ̀ kà. 308 ló bá. Òun náà ti buwọ́lù fún 300, kò sì mọ̀ pé mẹ́jọ lé. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, Ọlọ́run bù kún un.

Ajíróbà
Haa. Mo gbà pé mo yára sọ̀rọ̀.

BàbáTálì
Ẹni Ìsánlú yẹn ní àpọ́nlé. Mẹ́jọ ti di mímọ̀. Jẹ́ kí ilé iṣẹ́ kọ krẹ́díìtì nóòtù fún 12 lórí ínfọ́ìsì tirẹ, kí wọ́n sì fi mẹ́jọ kún ti Ìsánlú. Má gbà pé kí ẹ̀yin méjèèjì yanjú ẹ̀ láàárín ara yín kí ó gbé mẹ́jọ wá fún ọ pẹ̀lú ọ̀kadà. Bí ó bá sọnù lójú ọ̀nà, ta lo máa bá wí? Bí ó bá tiẹ̀ dé, kọ́kọ́ kọ ìwé ìgbọjà tuntun fún mẹ́jọ yẹn, kó ní wébìlì tirẹ̀, má yí 588 padà sí 596.

Mẹ́rin ṣì kù.

Olùtọ́júẸrù_Kàbà
Mẹ́rin ló kù lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ̀ ní wọ́n ti ta tiwọn kọjá ìdajì, wọn kò lè tún un kà mọ́. Ilé iṣẹ́ gbà láti kọ krẹ́díìtì fún mẹ́jọ, wọ́n ní mẹ́rin jẹ́ tiwa nítorí ìbuwọ́lù. Ọ̀gá mi ní òun máa yọ mẹ́rin yẹn lára owó àwọn lébìrà. Kò tọ́ lójú mi, nítorí kò sẹ́ni tó rí wọn kí wọ́n mú nǹkan, èmi ni mo buwọ́lù. Ẹ kí lẹ rò?

DẹrébàỌ̀nàÌlọrin
Má jẹ́ kí ó yọ ọ́ lára wọn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọn ò ní wá já ọkọ̀ rẹ, ìgbà tí wọ́n bá sì wá, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe máa tò ó.

ÌyáSìmẹ́ǹtì
Èmi rò pé kí ọ̀gá, ìwọ àti wọn pín in. Páálí mẹ́rin kò tó ohun tí a fi ń ba ilé jẹ́.

BàbáTálì
N kò fara mọ́ pínpín, ìyá. Ẹ mú ìwé ìkẹ́rù jáde kí ẹ tó san ohunkóhun. Bí ilé iṣẹ́ bá ní ìwé tálì tí ẹni tó kó ọjà sínú ọkọ̀ fà, kí wọ́n fi hàn. Bí wọn kò bá ní, a jẹ́ pé 1,400 tí wọ́n sọ náà, wọ́n kàn kọ ọ́ ni. Béèrè fún un ní kíkọ, kí o sì padà wá sọ fún wa.

Olùtọ́júẸrù_Kàbà
Mo ti béèrè. Wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ mi lórí Wásáàpù láti àárọ̀, wọn kò tíì fèsì. Mo ń dúró.